Ẹni alẹ́ ní òun sọ, ẹni àárọ̀ ní òun ò gbọ́: ìdáhùn sí olórí ikọ̀ tuntun

*Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú ìsinmi o. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe olórí ikọ̀ tí èmi fúnra mi ti ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kan bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ní òun ti sọ fún ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun láàárọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń pariwo. Ẹni àárọ̀ ní irọ́ ni, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún òun. Wọn ò kí ara wọn mọ́, àwọn tó kù sì ti ń pín sẹ́yìn wọn. Ọ̀rẹ́ mi ni ẹni alẹ́. Báwo ni mo ṣe máa parí ọ̀rọ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní sọ pé mo ṣègbè?*

Àbúrò mi,

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn ni kó o kọ́kọ́ yanjú kó o tó pe ẹnikẹ́ni jókòó. Gbogbo ikọ̀ ló mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni, nítorí náà bó o bá dákẹ́ nípa rẹ̀, ohun yòówù kó o sọ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e kà. Lọ bá ọ̀gá tó wà lókè rẹ, sọ ọ́ fún un, kó o sì béèrè bóyá olórí ikọ̀ mìíràn ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń wọlé ara yín ni, tàbí gbèsè wà láàárín yín, tàbí ó ti ro ẹjọ́ náà fún ọ nílé kó tó délé iṣẹ́, má dá sí i rárá. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ lásán, o lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹnì kan tí kò sí nínú ikọ̀ yín bá ọ jókòó. Kí àwọn méjèèjì tó lanu ni kó o sọ fún wọn pé o mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni ọ̀kan nínú wọn, kó o sì bi ẹni àárọ̀ bóyá ó fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bó bá ní òun ò fara mọ́ ọn, gbé e fún ẹlòmíràn láìbínú.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí olórí tuntun kì í fura sí. Ẹ̀rù ìfẹ̀sùnkàn lè mú kó le mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò gbè é. Ojúsàájú náà nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ ìyà rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Wàyí o, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé èèyàn lè gbọ́ ẹnu ẹni méjì, kó ṣì jẹ́ pé ẹjọ́ ẹnì kan ló gbọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ ló ń tẹ́ ìtàn náà sílẹ̀. Nígbà tí ẹnì kejì bá dé, ìtàn ẹni àkọ́kọ́ ti wà lórí rẹ, ìbéèrè tó o sì ń bi í ni “ṣé lóòótọ́ lo ṣe báyìí?” Kò sọ ti ẹnu tirẹ̀ rí, ẹ̀sùn ló kàn ń dáhùn. Bí ẹnì kan bá dá ọ dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, sọ fún un pé o ti gbọ́ pé aáwọ̀ wà, pé o máa fún un láyè láti sọ gbogbo rẹ̀, kó o sì dá àkókò fún un. Dá àkókò tó gùn bákan náà fún ẹnì kejì lọ́jọ́ kan náà. Má jẹ́ kó di ọ̀la bó o bá lè ṣe é, nítorí òṣìṣẹ́ a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó bá sì fi máa di ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò ti máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó fojú rí i.

Gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ná. Ìbéèrè kan náà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn méjèèjì: “Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó o dé ibi iṣẹ́, sọ fún mi bí nǹkan ṣe lọ.” Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́. Má béèrè “kí ló dé tó o fi ṣe é”, nítorí ìbéèrè yẹn máa ń dún létí ẹni tó ń gbọ́ ọ bíi pé o ti dá a lẹ́bi. Kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kó o sì kà á sí i létí kó tó dìde. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣàtúnṣe níbi kíkà yìí. Àtúnṣe yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó purọ́. Ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn ló ń mọ ibi tí ó ti sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ.

Jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan tó kọjá lọ́wọ́ mi ṣàlàyé, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tìrẹ látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń di ọjà sínú páálí ni. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ní òun sọ fún ẹni àárọ̀ níbi ẹ̀rọ pé ó ń pariwo. Ẹni àárọ̀ ní òun ò tiẹ̀ rí i. Ẹ̀rọ dúró ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 41, bíárìn kan jóná nínú rẹ̀, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí n tó débẹ̀, ẹni àárọ̀ ti pe ẹnì kejì ní òpùrọ́ níwájú gbogbo èèyàn.

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni gbogbo ìjà náà dúró lé: “mo sọ fún un”, “kò sọ fún mi” àti “òun ló ba ẹ̀rọ jẹ́”. Ohun tí mo máa ń ṣe sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni pé mo máa ń tú u sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́. Níbo lo dúró sí? Kí ni ọ̀rọ̀ náà gan-an tó ti ẹnu rẹ jáde? Kí ló fi dá ọ lóhùn? Ta ló wà nítòsí? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ìgbà wo lo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo náà? “Òun ló ba ẹ̀rọ jẹ́” kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fojú rí. Èrò ni. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ẹni alẹ́ rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ti délé kí ẹ̀rọ tó dúró.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo àkọsílẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi aago ẹnu ọ̀nà àti aago ara ẹ̀rọ wé ara wọn. Má fojú kéré èyí. Aago méjì ní ilé iṣẹ́ kan náà lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan ju ara wọn lọ, bó o bá sì gbójú lé wọn láìyẹ̀ wọ́n wò, o lè sọ olóòótọ́ di elékèé. Tiwa bára mu. Ìwé ẹnu ọ̀nà fi hàn pé ẹni àárọ̀ wọlé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹni alẹ́ sì jáde ní mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mo wá fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ẹ̀rọ, ẹni àárọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Ìyẹn ni pé ẹni alẹ́ ti ní láti kúrò níbi ẹ̀rọ ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá mẹ́fà, ẹni àárọ̀ kò sì lè débẹ̀ kí ó tó di ìṣẹ́jú méje. Wọn ò lè pàdé níbi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wà nínú ọgbà pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà, nítorí náà “n ò tiẹ̀ rí i” náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbà gbọ́.

Olórí tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ yóò dá ẹjọ́ síbí. Yóò ní ẹni alẹ́ purọ́ nípa ibi tó ti sọ̀rọ̀, tàbí kó ní ẹni àárọ̀ purọ́ pé òun ò rí i. Síbẹ̀ ohun tó kàn ni kó o gbé ohun tó o rí padà lọ bá olúkúlùkù, kó o gbé e síwájú rẹ̀, kó o sì jẹ́ kó fèsì. Má fi ohun tí èèyàn kò gbọ́ rí dá a lẹ́bi. Mo fi àkókò han ẹni alẹ́. Ó rò ó, ó ní bóyá kì í ṣe níbi ẹ̀rọ, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́nu yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni, pé òun ń yára lọ bá ọkọ̀. Mo lọ bá ẹni àárọ̀, mi ò sì sọ ohun tí ẹnì kejì sọ fún un. Mo kàn ní kó rántí ẹni tó pàdé lójú ọ̀nà. Ó ní òun pàdé ẹni alẹ́, òun kí i, ó sì sọ nǹkan kan bíi “ẹ̀rọ yẹn tún ti ń pariwo rẹ̀ o”, òun ní “kò burú”. Kò kà á sí ìjíṣẹ́, nítorí gbogbo èèyàn ló máa ń ráhùn nípa ẹ̀rọ náà.

Ṣé o rí i? Ẹni alẹ́ sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ẹni àárọ̀ náà kò sì gba iṣẹ́ kankan jẹ́ lọ́nà tí òun kà sí gbígbà. Irú èyí pọ̀ ju irọ́ pọ́ńbélé lọ nínú aáwọ̀ ibi iṣẹ́, o ò sì ní rí i láé bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ “ta ló ń purọ́” lo fi bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ kan wá sọ ohun kan fún mi nípa ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí n má dárúkọ òun. Ìwọ náà yóò rí irú rẹ̀. Sọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ pé o ò lè ṣèlérí àṣírí. Bó bá ti sọ ọ́ tán, o lè fi ṣe atọ́nà láti wá àkọsílẹ̀ tàbí ẹ̀rí mìíràn, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi ṣe ìdí ìpinnu rẹ, nítorí ẹni tó kàn kò lè fèsì sí ohun tí kò mọ̀ pé wọ́n sọ nípa òun.

Nígbà tó o bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbéèrè mìíràn kù tí kò jọ ìyẹn: kí ni òfin ibi iṣẹ́ sọ, ṣé ẹ sì ti ń tẹ̀ lé e? Níbi tiwa, ìwé ìgbaṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ kọ ipò ẹ̀rọ sínú rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kà á, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ní òru ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Ó dà bíi pé ẹjọ́ ti tán. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn, kò tó ìdajì nínú ojú ewé oṣù yẹn tí àwọn méjì fọwọ́ sí, gbogbo òru ikọ̀ sì ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀gá kankan kò bá ẹnikẹ́ni wí nípa rẹ̀ rí. Òfin tí ẹ ti jẹ́ kó sùn fún gbogbo èèyàn, o ò lè jí i lójijì lórí ẹnì kan nítorí pé nǹkan bàjẹ́ lọ́jọ́ tirẹ̀. O lè jí i fún gbogbo yín láti ọ̀la lọ, kó o sì kéde rẹ̀.

Òfin kejì wà tí kò sùn: bí ẹ̀rọ bá ń pariwo tí kì í ṣe tirẹ̀, dá a dúró kó o pe mẹkáníìkì. Wọ́n ti fún àwọn kan ní ìwé ìkìlọ̀ lórí èyí rí, gbogbo wọn sì mọ̀. Ẹni alẹ́ sọ pé òun ti ń gbọ́ ariwo láti bí aago mẹ́rin. Ẹni àárọ̀ náà gbọ́ ọ fún bí ìdajì wákàtí, ó ń ṣe é lọ kó lè bá iye páálí ọjọ́ náà. Mẹkáníìkì sì sọ pé gíríìsì ti gbẹ nínú bíárìn náà tipẹ́, pé kì í ṣe ohun tí òru kan tàbí òwúrọ̀ kan lè dá sílẹ̀. Ẹ̀ka àtúnṣe ló ni apá yẹn, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀.

Ohun tí mo pinnu nìyí. Ẹni alẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ariwo, nítorí náà òpùrọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ lójú ọ̀nà kì í ṣe ìjíṣẹ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ariwo, wọn ò dá ẹ̀rọ dúró, nítorí náà wọ́n gba ìkìlọ̀ kan náà, torí pé òfin kan náà ni wọ́n rú. Kò sẹ́ni tó jìyà lórí ìwé ìgbaṣẹ́. Ẹni àárọ̀ yóò yí ọ̀rọ̀ “òpùrọ́” padà níwájú àwọn tó sọ ọ́ lójú wọn. Lórí eléyìí mi ò gbà kó jẹ́ nínú ọ́fíìsì mi. Ibi tí wọ́n ti ba èèyàn lórúkọ jẹ́ ni wọ́n ti ń tún un ṣe.

Fi ojú sí i pé ìkìlọ̀ kan náà yẹn kì í ṣe pípín ẹ̀bi sí méjì kí gbogbo èèyàn lè dákẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló gbọ́ ariwo, ẹnì kan ni ǹ bá kìlọ̀ fún. Olórí tuntun fẹ́ràn ìdajì-ìdajì nítorí ó dà bí ìwà àgbà. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan yóò kàn mọ̀ pé wọ́n fi òun tu ẹlòmíràn lójú ni, kò sì ní mú ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́. Bí ẹ̀rí bá tẹ̀ sápá kan ju èkejì lọ, ìyẹn ti tó fún ìpinnu ibi iṣẹ́. O ò nílò kó dájú bíi ti ọ̀daràn ní kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìjìyà bá ti ń wúwo sí i ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ máa lágbára sí i. Bó bá sì dọ́gba délẹ̀délẹ̀, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ti ẹnì kejì tí kò sí àkọsílẹ̀, sọ bẹ́ẹ̀ pé o ò lè mọ̀. Má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kó o sì tún ọ̀nà tí ẹ fi ń gbaṣẹ́ ṣe.

Pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ìpinnu rẹ, kó o tó pè wọ́n pọ̀. Sọ ohun tó o gbà pé ó ṣẹlẹ̀, ibi tó o ti rí i, òfin tó kàn án àti ohun tó tẹ̀ lé e. Mú èyí tó o kọ̀ nínú ọ̀rọ̀ olúkúlùkù, kó o sọ ìdí. Ibí ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá o gbọ́ wọn. Ní 1975, àwọn onímọ̀ méjì, Thibaut àti Walker, tẹ ìwádìí wọn jáde nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń wo ìdájọ́, ó sì hàn níbẹ̀ pé ẹni tí wọ́n fún láyè láti ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa máa ń ka ìlànà náà sí èyí tó tọ́, kódà bí ìdájọ́ kò bá gbè é. Tún sọ fún wọn ẹni tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ náà lọ bá bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, má sì bínú bí ẹnì kan bá lọ. Àbá 130 ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, ti ọdún 1967, sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ẹ̀sùn láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí kí ẹnì kan tì í lẹ́yìn, àti pé kò gbọdọ̀ jìyà nítorí pé ó mú ẹ̀sùn wá.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí wà fún aáwọ̀ bíi tìrẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan ẹlòmíràn, tàbí ó lù ú, tàbí ó ń halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí ó ń fi ìbálòpọ̀ dà á láàmú, tàbí ó jalè, kì í ṣe tìrẹ láti parí. Kọ ohun tó o gbọ́ sílẹ̀ kó o gbé e fún ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, má sì pe àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan kí wọ́n lè “bára wọn sọ ọ́”.

O béèrè bí ẹnikẹ́ni ò ṣe ní sọ pé o ṣègbè. Ẹnì kan máa sọ ọ́. Ohun tó o lè ṣe ni kí àkọsílẹ̀ rẹ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: àkókò tó o fi gbọ́ olúkúlùkù, ọ̀rọ̀ tó o kà sí wọn létí, ìdí ìpinnu rẹ ní ojú ewé kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, wo ìwé ìgbaṣẹ́ náà fúnra rẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kọ ọ́, tí èkejì kò sì ń fọwọ́ sí i, ìjà ṣì wà nílẹ̀. Wo ìwé ètò iṣẹ́ rẹ náà: ta lo ń fún ní òru ìparí ọ̀sẹ̀, ta lo sì ń gba ìsinmi rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀? Bó bá jẹ́ pé orúkọ ẹni àárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí òru burúkú láti ìgbà tí ẹ parí ọ̀rọ̀ náà, yí i padà kó tó di pé ẹlòmíràn ka ìwé náà fún ọ.